Bí a ṣe ń ya ìtàn gidi sọ́tọ̀ kúrò lára àròsọ nínú ìwé tó dá lórí Ìbàdàn àtijọ́

Ẹ dúró ní oríta Ṣálẹ́ńjì, níbi tí ère Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn àtijọ́, wà, kí ẹ bi àwọn tó ń kọjá léèrè bí obìnrin náà ṣe kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sọ pé májèlé ló jẹ nígbà tí ọwọ́ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, tẹ̀ ẹ́. Inú eré orí ìtàgé tí ọ̀pọ̀ wa kà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni májèlé yẹn ti wá. Ohun tí Samuel Johnson kọ, òun tó ń gbé Ìbàdàn ní 1874 tí obìnrin náà kú, ni pé ẹrú méjì ló gba orí àjà wọlé bá a níbi tó sùn sí lóru, tí wọ́n sì pa á. Ẹni tó kọ eré kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, eré ló ń kọ. Àwa tí a kà á la gbé ikú orí ìtàgé lọ sínú ìtàn ìlú, a sì ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Ìwé ìtàn àròsọ tilẹ̀ le ju eré lọ, nítorí pé ó máa ń fi orúkọ ẹni gidi, ọjọ́ gidi àti àdúgbò gidi ṣe ilé, kó tó wá fi ìrònú àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ kún inú ilé náà. Ẹni tó bá mọ̀ pé òkè Mápó wà lóòótọ́ yóò gba gbogbo ohun tí ìwé sọ pé ó ṣẹlẹ̀ lórí òkè náà gbọ́. Ẹlòmíràn yóò rí àṣìṣe kan péré, yóò sì ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló kùnà. Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín nìyí, ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kan ni a sì ń fi í ṣiṣẹ́, kì í ṣe odindi ìwé.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ ní ìwé ìtàn àròsọ náà fúnra rẹ̀, tí ẹ lè fi pẹ́ńsù fa ìlà sí. Bí ìwé àyálò bá ni, ẹ ṣe àdàkọ ojú ìwé tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ ní pẹ́ńsù aláwọ̀ mẹ́rin àti ìwé àjákọ kan.

Fún Ìbàdàn ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tó kọjá, ìwé méjì ni kò gbọdọ̀ wọ́n yín. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Èkejì ni Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí Isaac Babalọlá Akínyẹlé kọ ní 1911, òun kan náà tó padà jẹ Olúbàdàn ní 1955. Bí wọn kò bá sí lọ́jà, ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè. Inú ọgbà yunifásítì yìí kan náà ni ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí wà, tí àwọn ìwé àwọn míṣọ́nnárì ilẹ̀ Yorùbá sì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, ẹ má fi í bẹ̀rẹ̀.

Ohun ìkẹyìn ni fóònù tó lè fi kàlẹ́ńdà ọdún àtijọ́ àti ìrísí òṣùpá hàn yín.

Ìpínrọ̀ tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ

Kí n má baà fi ìwé ẹnikẹ́ni wọ́lẹ̀, èmi fúnra mi ni mo hun ìpínrọ̀ yìí, bí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ṣe máa ń hun tiwọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ da òótọ́ àti àròsọ pọ̀ nínú rẹ̀, mo sì fi ìdẹkùn kan tàbí méjì sí i:

*Ní òru 30 Oṣù Kẹfà ọdún 1874, òkùnkùn biribiri bo gbogbo Ìbàdàn, òṣùpá kò yọ rárá. Ẹfúnṣetán jókòó nínú yàrá rẹ̀, ó ń ka owó ẹyọ. Ó ń rò ó pé bí ọmọbìnrin òun kan ṣoṣo kò bá kú sórí ìkúnlẹ̀ ni, ọkàn òun ì bá má le tó báyìí. Àbẹ̀kẹ́, ẹrúbìnrin rẹ̀, gbọ́ tí nǹkan ń rọra rìn lórí àjà. Ní ẹ̀yìn òkè Mápó, Olúbàdàn Látòósà ń bá Kúmúyìílọ sọ̀rọ̀: "Kò bá mi lọ sójú ogun, kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi níbẹ̀, nígbà tí mo sì dé, kò jáde wá pàdé mi lẹ́yìn odi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo fẹ́ gbọ́ ẹkún." Ó na ọ̀kẹ́ owó kan sí i. Kò pẹ́ tí ìbọn fi dún ní ilé Ìyálóde.*

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó lọ síwájú, kí ẹ sì sọ fún ara yín èyí tí ẹ gbà gbọ́ níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gé ìpínrọ̀ náà sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan

Gbólóhùn kan kì í ṣe ẹyọ kan. "Ó ń rò ó pé bí ọmọbìnrin òun kan ṣoṣo kò bá kú sórí ìkúnlẹ̀" ní ohun mẹ́ta nínú: pé ó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, pé ọmọ náà kú níbi ìbímọ, àti pé ó ń rò ó lóru ọjọ́ náà. Àwọn òpìtàn kọ méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ta ni ì bá wà níbẹ̀ tí yóò gbọ́ ọ?

Nítorí náà, ẹ kọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀ nínú ìwé àjákọ. Níwájú rẹ̀, ẹ kọ irú ohun tó jẹ́: ènìyàn, ibi, àkókò, ìṣẹ̀lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu, tàbí ohun tí ẹnì kan ń rò. Ìpínrọ̀ kékeré wa yìí yóò tó ogún ìlà. Ẹ má jẹ́ kó sú yín, níbí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wà.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà ni pé wọn kì í ya ìṣẹ̀lẹ̀ kúrò lára ìdí rẹ̀. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ kì í sábà parọ́ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdí tó fi ṣẹlẹ̀ ló máa ń dá sílẹ̀, nítorí pé òun ni ìwé ìtàn kì í sọ tó. Ikú ọmọ jẹ́ òótọ́. Pé ikú ọmọ ló sọ ìyá di òǹrorò jẹ́ èrò. Èrò náà lè bọ́gbọ́n mu, ó sì lè máà rí bẹ́ẹ̀. Ó nílò ìlà tirẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wo ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ "nítorí", "torí" tàbí "bí kò bá ṣe pé" bá wà lórí ìlà kan, ẹ kò tíì gé e tán.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fa ìlà sí ohun tí kò sí ẹni tó lè jẹ́rìí sí i

Ẹ mú pẹ́ńsù pupa. Gbogbo ìrònú, gbogbo àlá, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì sọ ní ìkọ̀kọ̀, pupa ni. Nínú ìpínrọ̀ wa, ìrònú Ẹfúnṣetán di pupa. Ìpàdé Látòósà àti Kúmúyìílọ di pupa náà gẹ́gẹ́ bí ìpàdé: pé wọ́n jókòó, pé ẹ̀yìn òkè Mápó ni, pé òru ọjọ́ yẹn gan-an ni.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná kí ẹ tó fi pupa nu gbogbo ohun tí Látòósà sọ. Ìdẹkùn àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ̀sùn mẹ́ta tó kà sílẹ̀, pé obìnrin náà kò bá òun lọ sógun, pé kò fi ohun èlò ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, pé kò fúnra rẹ̀ jáde wá kí òun káàbọ̀ lẹ́yìn odi ìlú, wà nínú ìwé Johnson ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀sùn gbangba tí Ààrẹ Látòósà fi kàn án nìyẹn. Òǹkọ̀wé wulẹ̀ gbé e kúrò ní gbangba, ó fi sẹ́nu Látòósà ní kọ̀rọ̀, ó sì fi "mo fẹ́ gbọ́ ẹkún" dì í ní ìdí. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ibi tó ti sọ ọ́ ni àròsọ. Irú èyí pọ̀ nínú ìwé tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣe ìwádìí dáadáa, òun ló sì máa ń mú òǹkàwé tó ti ń fura ju bó ti yẹ lọ.

Bí ẹ ṣe lè fura sí i: nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá to lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ka nǹkan jáde, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ìwé kan ni òǹkọ̀wé ti rí i. Ẹni tó ń bínú gan-an kì í to ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Fún ìlà pupa kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé, "Ta ni ì bá sọ èyí fún ẹlòmíràn?" Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó lè sọ ọ́, tó sì yè é láti sọ ọ́, ẹ pa pupa náà rẹ́, kí ẹ gbé ìlà náà lọ sí Ìgbésẹ̀ 4.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ohun tí kò tíì sí lákòókò náà

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù, nítorí pé ó máa ń dùn láti mú òǹkọ̀wé ní ọwọ́ òfo. Ẹ fi sùúrù ṣe é. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ ń bi ohun kọ̀ọ̀kan: ìgbà wo ló dé?

"Olúbàdàn Látòósà" kọ́kọ́ ṣubú. Oyè Olúbàdàn kò sí ní 1874. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, ọdún 1936 ni wọ́n sì yí i padà sí Olúbàdàn. Látòósà ní tirẹ̀ jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní 1871, oyè yẹn ló sì fi darí ìlú títí ó fi kú lójú ogun Kírìjì ní 1885. Àṣìṣe yìí kò sọ pé ìtàn náà kò ṣẹlẹ̀ o. Ohun tó sọ fún wa ni pé òǹkọ̀wé kò lọ sí ìwé àkọ́kọ́ fún oyè, nítorí náà a ó túbọ̀ máa ṣọ́ oyè àwọn mìíràn tó bá dárúkọ.

Òkè Mápó wá ńkọ́? Ìdẹkùn kejì rèé. Gbọ̀ngán Mápó ni wọ́n ṣí ní 1929. Òkè náà ti wà kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Ìbàdàn dó. Ìpínrọ̀ wa sọ "òkè", kò sọ gbọ̀ngán. Bí ẹ bá ti fi pẹ́ńsù lu ọ̀rọ̀ náà, ẹ pa á rẹ́. Mo rí i pé àwọn tó mọ ìtàn díẹ̀ ló máa ń kó sínú èyí ju àwọn tí kò mọ nǹkan kan lọ.

Owó ẹyọ tọ́ fún 1874, kò sí àníàní. Àmọ́ ẹ wo "ó na ọ̀kẹ́ owó kan sí i". Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, ẹrù tí alágbára ń fi orí rù láti ibì kan dé ibì kejì ni. Kò sí ẹni tó ń na irú rẹ̀ sí ènìyàn lóru bí ẹni ń na àpò ìwé owó náírà. Òǹkọ̀wé ti mú owó ayé àtijọ́, ó fi ìṣesí ayé òde òní gbé e. Irú àṣìṣe yìí kì í hàn bí ẹ bá kàn ń béèrè bóyá nǹkan wà tàbí kò sí. Ẹ gbọ́dọ̀ bi ara yín pẹ̀lú pé báwo ló ṣe tóbi tó, báwo ló ṣe wúwo tó, ta ló máa gbé e.

Bó bá jẹ́ pé òǹkọ̀wé yín gbé Ẹfúnṣetán lọ rà ìbọn fún ogun Kírìjì, iṣẹ́ yín rọrùn: ogun náà kò bẹ̀rẹ̀ títí ó fi kú. Pé àwọn ológun ń gba ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn fún àwọn ogun tó ṣáájú jẹ́ òótọ́ ní tirẹ̀. Bákan náà ni oko kòkó ní 1874, reluwé tó dé Ìbàdàn ní 1901, tàbí aṣojú ìjọba òyìnbó tó ń pàṣẹ láàárín ìlú kí ọdún 1893 tó pé.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá pè ní àṣìṣe àkókò, ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ ọdún tó dé. Bí ẹ kò bá lè kọ ọdún, ìfura lásán ni, kì í ṣe àṣìṣe.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ lọ bá ìwé, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ìwé náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀

Gbogbo ohun tó bá ṣẹ́kù láìní pupa ni ẹ ó gbé lọ sínú Johnson àti Akínyẹlé. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti sọ nípa ìjọba Látòósà, kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe pé kí ẹ kàn wá orúkọ Ẹfúnṣetán nínú atọ́ka.

Ohun tí ẹ máa rí nìyí. 1 Oṣù Karùn-ún 1874 ni wọ́n yọ Ẹfúnṣetán kúrò lórí oyè, tí wọ́n sì fi Ìyápọ̀, tó jẹ́ Ọ̀tún Ìyálóde, rọ́pò rẹ̀. Òru 30 Oṣù Kẹfà ni wọ́n pa á. Ẹ rí i pé nǹkan kan ti yí padà nínú ìpínrọ̀ wa? Nígbà tí òǹkọ̀wé sọ pé ìbọn dún "ní ilé Ìyálóde", Ìyálóde ìlú ní àsìkò náà ti di Ìyápọ̀, bí a bá ń lo oyè bó ti yẹ. Ará ìlú lè máa pe Ẹfúnṣetán bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, bí a ṣe ń pe àwọn olóṣèlú wa tó ti kúrò nípò títí dòní. Nítorí náà, ẹ má kọ "irọ́" sí i. Ẹ kọ ọ́ pé ìpínrọ̀ náà fo ìyọkúrò lórí oyè. Ohun ńlá ni fífò yẹn, nítorí pé òun ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń le sí i: wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kàn án ní gbangba, wọ́n gba oyè, oṣù méjì sì kọjá kí ikú tó dé. Ìpínrọ̀ wa sọ gbogbo rẹ̀ di òru kan.

Ìbọn ńkọ́? Kò sí ìbọn níbẹ̀. Àwọn ẹrú méjì ló gba orí àjà sọ̀ kalẹ̀, obìnrin náà sì ń sùn ni, kò jókòó ti owó. Nítorí náà, àjà tí Àbẹ̀kẹ́ gbọ́ ìró lórí rẹ̀ bá ìwé mu, ìbọn àti owó kíkà takò ó. Kúmúyìílọ, ọmọ tí Ẹfúnṣetán gbà tọ́, wà nínú ìwé, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ Ààrẹ sì wà níbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kò sí níbì kankan.

Nísinsìnyí, ẹ lọ síwájú díẹ̀ sí i, kí ẹ yẹ ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ wò. Johnson ń ṣe olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ ní Ìbàdàn ní 1874, nítorí náà ó wà nínú ìlú nígbà tí ariwo náà ta. Ìyẹn lágbára púpọ̀. Àmọ́ kò sí nínú yàrá. Ohun tó mọ̀ nípa àjà àti ẹrú méjì, ohun tó jáde lẹ́yìn ìwádìí tí ìlú ṣe ni, ohun tó sì mọ̀ nípa àbẹ̀tẹ́lẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn ará ìlú mọ̀ tàbí tí wọ́n gbà. Ọdún 1897 ló tó parí ìwé rẹ̀. Ìwé ọwọ́ náà sọnù lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Dókítà Ọbadáyà Johnson ló tún un kọ láti inú ohun tó ṣẹ́kù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ọdún 47 ló wà láàárín ikú náà àti ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Fún ọjọ́ inú oṣù, mo gbẹ́kẹ̀ lé e dáadáa, nítorí pé àwọn èèyàn ìjọ máa ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ bí nǹkan bá ṣe ń ṣẹlẹ̀. Fún iye, kí ẹ rọra. Ó sọ pé ẹrú inú oko obìnrin náà kò dín ní 2,000. Kò sí ẹni tó tò wọ́n kà.

Ìkìlọ̀ tó wúlò jù nínú gbogbo ìwé yìí wà níbí. Ẹ máa rí ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún, àti àìmọye ọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti Wásáàpù, tó sọ ohun kan náà, ẹ ó sì ní ẹ̀rí ti pọ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo lè ni gbogbo wọn. Lẹ́yìn 1921, inú Johnson ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń pọn omi. Àmì rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń to ẹ̀sùn mẹ́ta náà ní àtòtẹ̀lé kan náà, tí wọ́n sì máa ń dákẹ́ síbi tí Johnson dákẹ́ sí. Ìdí rèé tí Akínyẹlé fi níye lórí: ìwé tirẹ̀ ti jáde ní 1911, ọdún mẹ́wàá ṣáájú kí ti Johnson tó di títẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn sì ni. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ẹ ní ohun tó sàn ju ẹlẹ́rìí kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì lè ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà kan náà.

Bí ẹ bá láǹfààní láti bá àgbà ìdílé tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀, ẹ má fi ohun tó wà nínú ìwé bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ?" kí ẹ sì dákẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ tán, ẹ béèrè ẹni tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bí àgbà bá sọ májèlé fún yín, ẹ fi ọgbọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ti wo eré náà rí.

*Àyẹ̀wò:* Fún ìlà kọ̀ọ̀kan tí ẹ gbà, ẹ lè dárúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, àti ibi tí ẹni náà wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Bí èyí tó kẹ́yìn bá ṣófo, ẹ kò tíì dé ìdí ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wo ojú ọ̀run

Ìgbésẹ̀ kékeré ni, ó sì máa ń fi nǹkan hàn tí ìwé kankan kò sọ. Bí òǹkọ̀wé bá fún yín ní ọjọ́ gan-an, ẹ lè mọ bí òṣùpá ṣe rí. Ẹ tẹ ọjọ́ náà sínú èyíkéyìí nínú àwọn ètò tó ń fi ìrísí òṣùpá ọdún àtijọ́ hàn. Bí ẹ bá fẹ́ràn ìṣirò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí oòrùn wọ̀jì, nítorí pé ìgbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lé nìkan ni oòrùn máa ń wọ̀jì, kí ẹ sì máa fi ọjọ́ 29 àbọ̀ kún un. Oòrùn wọ̀jì ní 16 Oṣù Kẹrin 1874, wọ́n rí i ní gúúsù Áfíríkà. Ẹ fi 29 àbọ̀ kún un lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó dé nǹkan bí 14 Oṣù Kẹfà. Òṣùpá yóò wá kún ní nǹkan bí ọjọ́ 15 lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 29 Oṣù Kẹfà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni 30 Oṣù Kẹfà, òṣùpá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún rẹ́rẹ́. "Òṣùpá kò yọ rárá" jẹ́ àròsọ, òkùnkùn tí a fi ń múra fún ìpànìyàn lórí ìtàgé. Àmọ́ ẹ má fi èyí ṣe ju ohun tó jẹ́ lọ: Oṣù Kẹfà ni, àkókò òjò, ìkùukùu lè bo gbogbo rẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá ní ìkùukùu bo òṣùpá, kò sí ohun tí ẹ lè wí sí i.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi ètò méjì yẹ ọjọ́ kan náà wò. Ìyàtọ̀ ọjọ́ kan kò ṣe nǹkan kan. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ ọdún náà wò dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀

Mẹ́rin ni àwọ̀. Aláwọ̀ ewé fún ohun tó ní ẹlẹ́rìí: ọjọ́ náà, àjà, Kúmúyìílọ, ẹ̀sùn mẹ́ta, àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ikú ọmọbìnrin. Àwọ̀ ofeefee fún ohun tó ṣeé ṣe àmọ́ tí kò sí ẹlẹ́rìí: Àbẹ̀kẹ́ àti ìró tó gbọ́. Pupa fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀: ìrònú àti ìpàdé ìkọ̀kọ̀. Dúdú fún ohun tó takò ẹ̀rí: Olúbàdàn, ìbọn, owó kíkà, òṣùpá, àti ọ̀kẹ́ tí a na bí àpò.

Àríyànjiyàn máa ń pọ̀ jù lórí àwọ̀ ofeefee, ó sì tọ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé, "Àbẹ̀kẹ́ kò sí nínú ìwé, nítorí náà irọ́ ni." Rárá o. Ìwé kò dárúkọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹrú tó wà nínú ilé náà. Pé ìwé dákẹ́ nípa ẹrúbìnrin kan kò fi hàn pé kò sí ẹrúbìnrin. Ohun tí ẹ lè sọ ni pé òǹkọ̀wé ló sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìtàn àròsọ bá sọ pé Àbẹ̀kẹ́ dúró níwájú Ààrẹ, ó jẹ́rìí, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lóko ẹrú ní gbangba, ìdákẹ́jẹ́ Johnson yóò wá wúwo, nítorí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kọ ìtàn ìlú yóò kọ sílẹ̀. Ẹ máa béèrè pé bó bá ṣẹlẹ̀, ṣé ó yẹ kí ẹni tó kọ ìwé náà ti mọ̀ ọ́n, kó sì ka á sí nǹkan?

Níkẹyìn, ẹ kà ìpínrọ̀ náà ní àwọ̀ ewé nìkan. Tiwa di báyìí: ní òru 30 Oṣù Kẹfà 1874, lẹ́yìn oṣù méjì tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn mẹ́ta gba oyè Ìyálóde lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹrú méjì gba orí àjà wọlé, wọ́n sì pa Ẹfúnṣetán níbi tó sùn sí. Ará ìlú gbà pé Kúmúyìílọ ọmọ tó gbà tọ́ ló wà nídìí rẹ̀, pé Látòósà sì ló fi owó sí i. Ẹ kíyè sí i pé mo fi "ará ìlú gbà pé" sí ibi tí ẹ̀rí ti tẹ́ẹ́rẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún ẹlòmíràn ní ìpínrọ̀ náà láìsí àwọ̀, pẹ̀lú ìwé méjèèjì, kó ṣe tirẹ̀. Bí dúdú yín bá yàtọ̀ sí tirẹ̀, ọ̀kan nínú yín kò tíì rí ọdún tàbí ìlà tó yẹ. Ẹ jọ padà sí Ìgbésẹ̀ 3 àti 4. Bí ofeefee yín bá yàtọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ èrò ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ka ìpínrọ̀ náà, kí ẹ wo iye nínú rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé.